Ìwàásù Ogójì Ìṣẹ́jú Nínú Ìṣẹ́jú Márùn-ún

Lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, Bàbá wa nínú ìjọ máa ń wàásù fún bí ìṣẹ́jú 40. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìwàásù yẹn gbọ́dọ̀ ti di ìṣẹ́jú márùn-ún tí rédíò yóò gbé sáfẹ́fẹ́ ní ìdájí fún Adó-Èkìtì àti agbègbè rẹ̀. A ó tún fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ lórí Wáásáàpù sí àwọn ọmọ ìjọ tó wà ní Ìyìn, ní Ìgèdè, ní Ìlawẹ̀ àti lókè òkun. Èmi ni mo ń ṣe iṣẹ́ náà. N kì í ṣe àlùfáà o; akọ̀wé ìjọ ni mí, iṣẹ́ tíṣà ni mo sì ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ohun tí iṣẹ́ yìí fi yé mi, tí ó sì pẹ́ kó tó yé mi dáadáa, ni pé ẹni tó bá fẹ́ kí ìwàásù kúrú kò gbọdọ̀ gbìyànjú láti kó gbogbo rẹ̀ dání.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò hàn yín. Bí mo bá da ohùn Bàbá kọ sínú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó máa ń tó nǹkan bí 5,000 ọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún tí rédíò fún wa kò sì pé márùn-ún ní tòótọ́. Orin tí wọ́n fi ń ṣí ètò náà wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń pa á dé náà wà níbẹ̀, ìkíni wà, àdúrà ráńpẹ́ sì wà. Bí a bá yọ gbogbo èyí kúrò, ohun tó kù fún ọ̀rọ̀ gan-an kì í pé ìṣẹ́jú mẹ́rin. Tí mo bá ka Yorùbá bí ẹni tó ń bá ẹnìkan ṣoṣo sọ̀rọ̀, láìsáré, tí mo sì ń mí dáadáa, mo máa ń ka ọ̀rọ̀ bí 130 sí 140 láàárín ìṣẹ́jú kan. Nítorí náà, àyè ọ̀rọ̀ bí 500 ló wà. Nínú ọ̀rọ̀ mẹ́wàá-mẹ́wàá tí Bàbá sọ, mẹ́sàn-án ní láti dúró sílé.

Ohun tó máa ń wá sọ́kàn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni pé kó fá díẹ̀díẹ̀ kúrò lára gbogbo rẹ̀. Bí ìwàásù bá ní kókó márùn-ún, yóò fún kókó kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá 45. Ẹni tó ń gbọ́ yóò kàn gbọ́ àkọlé márùn-ún ni, kò sì ní rí èyíkéyìí mú lọ síbi iṣẹ́. Ọmọ àgbàdo kan ṣoṣo tó pé hóró ni kí a yọ fún un, kì í ṣe hóró méjì-méjì láti ara gbogbo ohun tó wà nínú apẹ̀rẹ̀.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ wà lára ẹni tó ń gbọ́. Nígbà tí ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní 1930 láti ọwọ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi rìn lọ sí Òkè-Oòyè ní Iléṣà, àti sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè níbí lẹ́yìn náà, kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Ẹni tó ti rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ti fi àkókò rẹ̀ lélẹ̀ kí oníwàásù tó la ẹnu. Ẹni tó wà lórí àga nínú ilé Ọlọ́run lónìí náà ṣì rí bẹ́ẹ̀: ó ti wọ aṣọ, ó ti jókòó, ó ti ṣí Bíbélì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbọ́ rédíò ní ìdájí ń dáná ni, tàbí ó ń wẹ̀ fún ọmọ, tàbí ó wà lórí ọ̀kadà tó ń gba Ìjìgbò kọjá. Ó lè bá ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú kejì. Bí ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn, ó lè má gbọ́ ìṣẹ́jú kẹta rárá. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni a lè sọ fún un, a sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó yàtọ̀ síra, kí ibikíbi tó bá ti wọlé lè jẹ́ ẹnu ọ̀nà. Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu irú ètò yìí mọ̀ ọ́n. Láti 1970 ni BBC ti ń gbé ọ̀rọ̀ ìrònú òwúrọ̀ jáde lórí Rédíò 4 wọn ní ìlú Ọba, kì í sì í pé ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ kí n mú ìwàásù kan kí n fi ṣàlàyé bí mo ṣe ń ṣe é. Bàbá mú ẹ̀kọ́ rẹ̀ láti inú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí kẹrin, ẹsẹ kìíní sí ìkeje: opó kan tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wòlíì, tí ọkùnrin náà kú, tó fi gbèsè sílẹ̀, tí olówó èlé sì fẹ́ wá kó ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì lọ ṣe ẹrú. Kókó márùn-ún ni Bàbá fà yọ. Ó ní ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run náà lè jẹ gbèsè. Ó ní Èlíṣà bi obìnrin náà ní ohun tó wà nílé rẹ̀, ìkòkò òróró kan péré ló sì ní. Ó ní obìnrin náà yá ìkòkò òfìfo lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ó ní òróró kò dá títí ìkòkò fi tán. Lópin rẹ̀, ó ní obìnrin náà padà tọ Èlíṣà lọ kó tó ta ohunkóhun, a sì sọ fún un pé kó tà á, kó san gbèsè, kí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ máa jẹ ìyókù.

Mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ohùn tí a gbà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìmú bírò dání. Lẹ́yìn náà mo máa ń fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ilẹ̀ bá mọ́, mo máa ń kọ gbólóhùn kan ṣoṣo: kí ni mo rántí? Èyí kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ibi tí àwọn ènìyàn ti pariwo jù lọ. Nínú ìwàásù yìí, ibi tí ìjọ ti dìde dúró tí ìlù sì dún ni ibi tí òróró kò ti dá. Ibẹ̀ náà ni mo kọ́kọ́ fẹ́ mú, nítorí ó dùn, ó sì rọrùn láti sọ nínú ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo kọ ọ́, mo kà á fún aránṣọ kan ní Àjílòsùn tí kì í ṣe ọmọ ìjọ wa, tí kò sì sí níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi náà. Bí mo ṣe ń dán gbogbo iṣẹ́ mi wò nìyẹn: kí ẹni tí kò gbọ́ odindi ìwàásù gbọ́ èyí tó kúrú lẹ́ẹ̀kan péré, kó wá sọ ohun tó gbọ́ fún mi.

Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ẹ ní kí á lọ yá sí i, kí á má sì yá díẹ̀, Ọlọ́run á kún un."

Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lẹ́rù. Ẹ wo irú ìlú tí a wà. Àwọn ìyá tó ń tajà ní Ọjà Ọba àti Ọjà Bísí, ọ̀pọ̀ wọn ló wà nínú owó gbomúlélántà, èyí tí wọ́n ń san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí àwọn agbowó sì máa ń wá jókòó síwájú ìsọ̀ wọn bí ọjọ́ bá pé. Ẹni tó bá wà nínú irú wàhálà yẹn, tó gbọ́ lórí rédíò ní ìdájí pé obìnrin onígbèsè kan lọ yá nǹkan púpọ̀ tí gbogbo rẹ̀ sì kún, lè lọ gba ẹ̀yáwó mìíràn kí ilẹ̀ tó ṣú. Nínú ìwàásù ìṣẹ́jú 40, kò sí ewu yìí, nítorí Bàbá ti sọ ọ́ gbangba pé ìkòkò òfìfo ni obìnrin náà yá, kì í ṣe òróró, kì í sì í ṣe owó. Ìkòkò tí yóò dá padà fún ẹni tó ni ín. Ó tún ti sọ pé gbèsè ni owó òróró náà kọ́kọ́ lọ fún kí ẹnikẹ́ni tó jẹ nínú rẹ̀. Gbólóhùn méjì yẹn ló mú kí ìlérí náà dúró níbi tó yẹ kó dúró. Nígbà tí mo gé wọn kúrò nítorí àyè, ìlérí náà kò kàn kúrú. Ó di ìlérí mìíràn tí Bàbá kò ṣe, tí Ìwé Mímọ́ náà kò sì ṣe.

Ohun tí mo ń ṣọ́ jù lọ nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn. Nínú ìwàásù gígùn, ìlérí àti ohun tó so mọ́ ọn lè jìnnà síra wọn. Ìlérí lè wà ní ìṣẹ́jú kejìlá, kí ohun tó dè é wà ní ìṣẹ́jú kẹtàdínlógójì. Ẹni tó jókòó títí dé òpin yóò gbọ́ méjèèjì. Ẹni tó ń gé e ló máa ń ya wọ́n nípa. Nítorí náà, bí mo bá ti mú ìlérí kan, mo máa ń padà sínú ìwé tí mo da ìwàásù kọ sí, mo ń wá gbogbo ibi tí Bàbá ti sọ pé "ṣùgbọ́n," tàbí "kò túmọ̀ sí pé," tàbí "bí ẹ bá." Èyí tó bá kan ìlérí náà gbọ́dọ̀ bá a wọ inú ìṣẹ́jú mẹ́rin náà. Bí àyè kò bá gba méjèèjì, ìtàn ẹ̀gbẹ́ ni mo kọ́kọ́ ń yọ. Bí àyè kò bá tún gbà wọ́n, mo fi ìlérí náà sílẹ̀ pátápátá, mo mú kókó mìíràn.

Lórí ìwàásù opó yìí, mo yí padà sí kókó karùn-ún. Bí ìwé tí mo kọ fún Bàbá láti kà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: "Olówó ti sọ ọjọ́ tó ń bọ̀. Obìnrin náà mọ̀ pé bí ó bá dé, ọmọ òun méjèèjì ni yóò mú lọ." N kò kíni lọ títí, n kò sọ orúkọ ìwé, orí àti ẹsẹ. Inú ilé obìnrin náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ìṣẹ́jú-àáyá 20 àkọ́kọ́ ni olùgbọ́ fi ń pinnu bóyá òun yóò yí rédíò sí ibòmíràn. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ títí òróró fi dúró, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ni. Ẹni tó wà nínú ilé ìsìn lè fojú bá ẹsẹ méje lọ nínú Bíbélì rẹ̀. Etí nìkan ni olùgbọ́ rédíò ní, nítorí náà mo sọ ọ́ bí ìtàn, mo sì pa ìkòkò òfìfo àti dídá a padà mọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo wá dúró síbi tí mo fẹ́ dúró sí. Ilé kún fún òróró, ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì, kò sì sí ẹni tó mọ̀ lẹ́yìn òun àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ó lè ta òróró náà kó kó lọ sí ìlú mìíràn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó padà lọ bi ẹni Ọlọ́run léèrè ohun tí òun yóò fi ohun tí òun rí gbà ṣe. Ìdáhùn tó gbà kò gùn: tà á, san gbèsè, kí ẹ jẹ ìyókù. Mo sọ kókó yìí lẹ́ẹ̀mẹta: lẹ́ẹ̀kan bó ṣe wà nínú ìtàn, lẹ́ẹ̀kan bí ìbéèrè sí ẹni tí owó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé fún, bóyá owó oṣù tàbí owó àjọ, àti lẹ́ẹ̀kan nínú àdúrà. Ìparí ni mo wá dárúkọ ìwé, orí àti ẹsẹ, mo sì pè é lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ẹni tó ń gbọ́ kò ní bírò lọ́wọ́.

Mo tún gbé e padà fún aránṣọ yẹn. Ó ní, "Ẹ ní kí n béèrè kí n tó ná an, kí n sì san ti ẹni tí mo jẹ." Ohun kan ló sọ. Bí ó bá sọ ohun méjì, ìwàásù méjì ló wà nínú ìwé mi, ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ jáde.

Àwọn nǹkan kan wà tí kì í tilẹ̀ dé orí òṣùwọ̀n. "Ẹ sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín" kò ní ìtumọ̀ fún ẹni tó dá wà nínú yàrá. "Ẹ ṣe Àmín" tí Bàbá bá sọ tó sì dákẹ́, ìdákẹ́ lásán ló jẹ́ lórí rédíò. Ẹ̀rí àwọn ọmọ ìjọ náà kì í wọlé. Ní 2004, àjọ NBC tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní Nàìjíríà pàṣẹ fún àwọn ilé-iṣẹ́ pé kí wọ́n má gbé iṣẹ́ ìyanu tí kò ṣeé fìdí rẹ̀ múlẹ̀ jáde bí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, kò sì sí àyè nínú ìṣẹ́jú mẹ́rin láti fi ìdí ohunkóhun múlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá kan ẹ̀sìn àwọn ẹlòmíràn ńkọ́? Mo máa ń yọ ọ́ láìsí àwíjàre. Nínú ọ̀pọ̀ agboolé ní Èkìtì, Mùsùlùmí àti Kírísítẹ́nì ló jọ ń gbọ́ rédíò kan náà.

Bàbá kọ́kọ́ bínú sí mi. Ó pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní, "Akọ̀wé, mo fi ọjọ́ márùn-ún gbàdúrà lórí ìwàásù yẹn. Kókó mẹ́rin lo jù nù."

Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. N kò jù wọ́n nù. Wọ́n wà nínú ìwé lọ́dọ̀ mi."

"Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kì í ṣe ohun tí a ń fi ìṣẹ́jú wọ̀n."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣí Lúùkù orí karùndínlógún, kó ka òwe obìnrin tó sọ owó fàdákà kan nù. Ẹsẹ mẹ́ta péré ni. Ó kà á sókè, kò tó ìṣẹ́jú kan: obìnrin náà tan fìtílà, ó gbálẹ̀, ó rí owó rẹ̀, ó pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, Olúwa sì sọ ohun tó ń sọ. Bàbá pa Bíbélì dé, ó sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Kò sọ pé kókó kejì." Láti ọjọ́ náà ni òun fúnra rẹ̀ ti ń fi bírò pupa sàmì sí ibì kan nínú ìwé ìwàásù rẹ̀ kó tó gun orí pẹpẹ, tí yóò sì sọ pé, "Mo rò pé ibi tí wàá mú nìyí." Nígbà mìíràn a máa ń fohùn ṣọ̀kan, nígbà mìíràn a kì í ṣe bẹ́ẹ̀, òun ló sì máa ń ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, nítorí orúkọ rẹ̀ ni a ń pè lórí ètò náà.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ìjọ ń ṣe, tí n kò fọwọ́ sí: kí wọ́n gé ìṣẹ́jú márùn-ún tó dùn jù lára ohùn ọjọ́ Ìsinmi, kí wọ́n sì gbé e jáde bẹ́ẹ̀. Ohùn tí ènìyàn fi ń bá ọgọ́rùn-ún ènìyàn sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó fi ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ ní ìdájí. Ariwo fáànù wà níbẹ̀, gẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀, ohùn sì ń ta padà láti ara ògiri. Gbólóhùn bíi "gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ lẹ́ẹ̀kan" sì máa ń wà nínú rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé olùgbọ́ kò gbọ́ ìgbà tó sọ ọ́. Nítorí náà, Bàbá máa ń tún un sọ láti inú ìwé tí a kọ. Yàrá kékeré tó ní kọ́tìnì tó nípọn tí aṣọ sì pọ̀ nínú rẹ̀ ló dára jù. A ó pa fáànù, a ó gbé fóònù sí iwájú rẹ̀ díẹ̀, kì í ṣe sí ẹnu rẹ̀ gan-an. Gbogbo àmì ohùn ni mo máa ń fi sórí ọ̀rọ̀ kí ó má baà ṣi ọ̀kan kà. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin, mo máa ń yọ gbólóhùn. N kì í bẹ̀ ẹ́ pé kó yára. Bí ó bá yára, ènìyàn máa ń gbọ́ ìkánjú náà ju ọ̀rọ̀ lọ.

Èyí tó ń lọ sórí Wáásáàpù, MP3 alápá kan, tí wọ́n ń pè ní mono, ni mo ń ṣe é, ní 64 kbps. Ìṣẹ́jú márùn-ún rẹ̀ kì í ju 2.4 MB lọ, ohùn ènìyàn sì mọ́ dáadáa nínú rẹ̀. Bí mo bá fi í sílẹ̀ bí rédíò ṣe ń fẹ́ ẹ, ní WAV, ó lè ju 50 MB lọ, ìyá àgbà tó ń ra dátà kékeré ní Ìgèdè kò sì ní ṣí i.

Àwọn ìwàásù kan wà tí n kì í gé. Lẹ́yìn ìjàm̀bá ọkọ̀ kan tó mú ọmọ ilé ẹ̀kọ́ méjì lọ nínú ìjọ wa, Bàbá wàásù láti inú ìwé Jóòbù. Fún bí ìdajì wákàtí kò dáhùn ìbéèrè kankan. Ó jẹ́ kí Jóòbù máa béèrè, ó jẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù máa ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ó sì jẹ́ kí àwọn òbí tó jókòó níwájú máa sunkún láìsí ẹni tó dá wọn lẹ́kun. Ìtùnú tó wà nínú ìwàásù náà, inú gígùn rẹ̀ ló wà. Mo gbìyànjú láti mú apá kan, ṣùgbọ́n apá èyíkéyìí tí mo bá mú ń dún bí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù. Mo lọ bá Bàbá, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, èyí kò ní kúrú." Ó ní kí n má yọ ọ́ lẹ́nu. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ìwàásù àtijọ́ kan ni rédíò gbé jáde, a sì fi odindi ti Jóòbù ránṣẹ́ sórí Wáásáàpù, pẹ̀lú gígùn rẹ̀ ní kíkọ sókè, kí ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ lè wá àyè jókòó.